Ilẹ̀ Tó Le Koko Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn, Tó Ń Jìn Tí Omi Bá Kàn Án: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Kọ́lé Sórí Rẹ̀

Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń dán ilẹ̀ wò kí a tó kọ́lé kò ju kí bíríkìlà gbé dígà sókè kó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ lọ. Bí dígà bá ta padà, a ní ilẹ̀ le. A ó gbẹ́ fáńdéṣọ̀n, a ó da kọnkéré, ilé á dúró fún ọdún kan tàbí méjì. Ọjọ́ kan ni páìpù balùwẹ̀ á bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, tí igun ilé kan á sì jìn mọ́jú.

Èmi náà ti kó sí i. Ilé yàrá mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ dá kọ́ ní Zaria, nínú oṣù Kejì la gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, igba wàhálà ni dígà fi wọlé. Ní ọdún kejì, ẹ̀rọ omi kan ń jò lẹ́yìn ilé ìdáná fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Màmá tó ń gbé ibẹ̀ pè mí ní ìdájí: "Ẹnjiníà, ẹ máa bọ̀ o, ilẹ̀kùn kíṣìnì ò ṣeé ṣí mọ́." Nígbà tí mo débẹ̀, ọwọ́ mi gba inú àlàfo tó wà láàrin ògiri àti férémù fèrèsé.

Ohun tó fà á kò le láti yé ni. Ọyẹ́ ló kó púpọ̀ nínú erùpẹ̀ agbègbè Zaria àti Kano wá, láti ayébáyé. Erùpẹ̀ kíkúnná ni, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló balẹ̀, àlàfo sì pọ̀ láàrin hóró kan sí èkejì. Amọ̀ díẹ̀ ló so wọ́n pọ̀ bí àtè. Tó bá gbẹ, àtè yẹn le bí òkúta. Tí omi bá kàn án, ó rọ̀, hóró á yọ̀ wọnú àlàfo, ilẹ̀ á sì jìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹrù kún un. Súgà onígun gan-an ni: ẹ lè gbé ife lé e lórí, ṣùgbọ́n ẹ ta tíì díẹ̀ sí i kí ẹ wò ó. Ẹ má ṣe fi wé ilẹ̀ dúdú tó ń wú bíi gàrí nígbà òjò, tó ń là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn, oògùn rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè-Ọya nìkan ni. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi tírélà dà sínú ilẹ̀ kòtò ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tí wọ́n tẹ́ ní gbígbẹ láìtẹ̀ ẹ́ dáadáa, irú ìwà kan náà ló ń hù tí omi bá dé.

Ohun tí ẹ máa nílò

Dígà, ṣọ́bìrì àti ọ̀bẹ gígùn. Ọ̀rá tó pọ̀. Òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù. Páìpù irin kúkúrú tí etí rẹ̀ mú, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, tó sì gùn tó 13. Inú rẹ̀ máa ń gba kúbíkì sẹ̀ǹtímítà 1,021. Owó laábù fún àyẹ̀wò mélòó kan. Ẹ tún nílò ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ tí bíríkìlà máa bẹ̀rẹ̀ tó pé. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn kì í fẹ́ san.

Láti ibi yìí lọ, ilé Alhaji kan tí mo kọ́ sí Zaria kan náà ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

1. Ẹ gbẹ́ kòtò, kí ẹ sì wo ara rẹ̀

Kòtò méjì ni mo máa ń gbẹ́: ọ̀kan níbi tí igun ilé tó wúwo jù máa wà, èkejì ní apá ibi tí balùwẹ̀ àti ilé ìdáná máa bọ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń ti wá. Ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tó yàtọ̀. Nílẹ̀ Alhaji, mítà 2.4 la gbẹ́ ká tó kan yangí.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Ara kòtò yìí máa ń dúró ṣánṣán bí ògiri, òun ló ń tan àwọn òṣìṣẹ́ jẹ. Òjò kékeré kan tó láti mú un ya lulẹ̀ lé èèyàn lórí. Tí kòtò bá ti ju mítà 1.2 lọ, ẹ gbẹ́ ẹ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, kí ó fẹ̀ lókè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wọ inú rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀bẹ fá ara kòtò kó mọ́, kí ẹ sún mọ́ ọn. Irú ilẹ̀ yìí máa ń ní ihò wínníwínní tí ojú lè rí, bí inú búrẹ́dì, òmíràn sì jẹ́ ojú ọ̀nà gbòǹgbò tó ti kú. Ògúlùtu rẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lọ. Tí ẹ bá ju èyí tó gbẹ sínú ife omi, ó máa ń ho, á sì tú ká kíákíá.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á rí ògúlùtu tó tú ká nínú omi, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ilẹ̀ gbígbẹ tó pọ̀ ló ń tú ká bẹ́ẹ̀ tí kì í sì í jìn. Ó kàn ń sọ fún yín pé kí ẹ tẹ̀ síwájú ni.

Àyẹ̀wò ìpele yìí: ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ pé "láti ibí dé ibí ni ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí wà." Tí ẹ kò bá tíì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kò tíì gbẹ́ ẹ tó.

2. Ẹ dá erùpẹ̀ padà sínú ihò rẹ̀

Ìdánwò yìí ni mo fẹ́ràn jù, kò gba kọ́bọ̀. Lórí àtẹ̀gùn tó wà ní nǹkan bíi mítà kan sísàlẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin kan, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, kó jìn ní 30. Ẹ kó gbogbo erùpẹ̀ rẹ̀ sórí ọ̀rá, kí ó má ṣòfò. Wàyí o, ẹ kó o padà sínú ihò, kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ẹni tó ti gbẹ́ ilẹ̀ rí mọ̀ pé erùpẹ̀ tí a gbẹ́ máa ń ṣẹ́kù tí a bá dá a padà. Tí ti yín kò bá kún ihò rẹ̀, tí ó dín, a jẹ́ pé àlàfo ló kún inú ilẹ̀ yẹn látilẹ̀wá. Nílẹ̀ Alhaji, ihò náà ṣì jìn tó ìka mẹ́rin lẹ́yìn tí a ti da gbogbo erùpẹ̀ padà. Alhaji fúnra rẹ̀ ń wo ilẹ̀ yíká bí ẹni pé ẹnì kan jí díẹ̀ kó nínú rẹ̀.

Èkejì rẹ̀ rèé. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ògúlùtu tí a kò tíì dà rú sí ọ̀pá méjì tó dọ́gba, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ ta omi sí èkejì, ẹ pò ó, kí ẹ wá mọ ọ́n padà sí bó ṣe nípọn tẹ́lẹ̀. Tí ó bá kúrú ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ lójú kedere, ẹ ti rí i. Tiwa di 8 àti díẹ̀. Omi tí ẹ máa ta sí i kò gbọ́dọ̀ ju èyí tó máa jẹ́ kó ṣeé mọ lọ. Tí ẹ bá pò ó bí ẹ̀kọ tútù, ọ̀pá á gùn, ẹ ó sì ro pé ilẹ̀ dára.

3. Ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ ki páìpù irin yẹn bọlẹ̀ ní ìjìnlẹ̀ tí fáńdéṣọ̀n máa jókòó sí, kí ẹ gbẹ́ ẹ jáde, kí ẹ gé orí àti ìdí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni fífi òòlù lù ú: lílù máa ń kì ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pọ̀, òṣùwọ̀n á wá ní ilẹ̀ wúwo. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú etí páìpù, kí ẹ máa fi ọwọ́ tì í sísàlẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan. Ẹ fara dà á.

Erùpẹ̀ tiwa wúwo ní gíráàmù 1,530 pẹ̀lú ìwọ̀nba omi inú rẹ̀, ó sì ku 1,443 nígbà tó gbẹ. Laábù bá wa wo iye omi tó máa sọ irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹrẹ̀ tó ń ṣàn: 26 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni iye omi tí àlàfo inú rẹ̀ lè gbà:

```
1443 / 1021 = 1.41
1/1.41 - 1/2.65 = 0.709 - 0.377 = 0.33
```

1.41 ni iye gíráàmù erùpẹ̀ gbígbẹ tó wà nínú kúbíkì sẹ̀ǹtímítà kan. Nọ́ńbà 2.65 yẹn ni ìwúwo hóró erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ tí a bá fi wé omi. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ báyìí. Ohun tí ìṣirò náà ń wí ni pé ilẹ̀ yìí láyè fún omi 33 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 26 péré ti tó láti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Tí àyè bá ti ju ìwọ̀n ẹrẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ẹ retí pé kó jìn. Tí àyè bá kéré sí i, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ìṣirò yìí kò wúlò fún iyanrìn lásán, nítorí kò ní ìwọ̀n ẹrẹ̀ tó ṣeé wọ̀n.

4. Ẹ gbé ògúlùtu lọ sí laábù

"Ẹnjiníà, owó laábù yìí ń kọ́? Ṣé kò ní tó ra irin mélòó kan?" Alhaji ló wí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Alhaji, irin inú fáńdéṣọ̀n kò lè di ilẹ̀ mú kó má jìn." Ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó.

Ògúlùtu tó tóbi tó orí èèyàn ni kí ẹ gé, kí ẹ fi ọ̀rá wé e ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tò ó sínú páálí pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó. Ẹ kọ "òkè" sí orí rẹ̀. Orí itan ni kí ẹ gbé e sí nínú ọkọ̀, kì í ṣe inú búùtù. Tó bá fọ́ lọ́nà, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti tán.

Ní laábù, wọ́n á gé e sínú òrùka irin tó ga ní mílímítà 20, wọ́n á gbé ẹrù lé e ní gbígbẹ, díẹ̀díẹ̀, títí dé èyí tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ bíi 200 kPa. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 20 lórí mítà kan níbùú lóròó ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi sí i, wọn ò ní fi ẹrù kún un mọ́, wọ́n á kàn máa wo aago tó ń ka bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Tiwa lọ sílẹ̀ ní mílímítà 0.42 ní gbígbẹ. Nígbà tí omi dé, ó bọ́ sí 1.92. Ìyàtọ̀ 1.50 nínú 20, ìyẹn 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ni iye tí omi nìkan fà.

Ọ̀gbẹ́ni Jennings àti Knight ti South Africa ló pín èsì yìí sí ìsọ̀rí, nínú iṣẹ́ wọn ti 1975, òun la ṣì ń lò. Láti 0 dé 1, kò sí wàhálà. Láti 1 dé 5, wàhálà díẹ̀. Láti 5 dé 10, wàhálà ni. Tó bá kọjá 10, wàhálà ńlá, 20 sókè kò ṣeé gbọ́. A wà láàrin, níbi tí èèyàn kò ti lè ṣe bí ẹni pé kò rí i.

Àṣìṣe ibí yìí: àwọn kan máa ń rin ilẹ̀ náà fún un kó lè rọrùn láti gé. Ilẹ̀ tí omi ti kàn ti jìn tán kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, èsì rẹ̀ á sì dára gan-an. Nítorí náà ẹ béèrè iye omi tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kó bá ti ìpele kẹta mu. Tiwa jẹ́ 6 nínú ọgọ́rùn-ún nínú méjèèjì.

5. Ẹ sọ èsì di mílímítà lábẹ́ ilé yín

200 yẹn jẹ́ ìwọ̀n tí gbogbo èèyàn fi ń pín ilẹ̀ sí ìsọ̀rí. Ilé ilẹ̀ tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ kì í wúwo tó bẹ́ẹ̀ lórí fáńdéṣọ̀n rẹ̀. Ẹ ní kí laábù tún un ṣe ní 100 kPa. Tiwa fún wa ní 4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Fáńdéṣọ̀n wa máa jókòó ní sẹ̀ǹtímítà 90, yangí wà ní mítà 2.4. Ó ku mítà kan ààbọ̀ ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàrin. Ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ mílímítà 60. Ó lè má pé bẹ́ẹ̀, nítorí ẹrù ilé máa ń fúyẹ́ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í yọ nǹkan kan kúrò.

Ẹ rántí pé omi kì í dé abẹ́ gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Igun kan ló máa ń rì, tí èyí tó wà ní mítà mẹ́rin sí i kò ní mira. Ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í là tí ìyàtọ̀ bá ti tó ìdá kan nínú 300 láàrin ibi méjì, ìyẹn mílímítà 13 fún mítà mẹ́rin. Tiwa lè dé 60. Fífi irin kún fáńdéṣọ̀n kò tó.

6. Ẹ kó ilẹ̀ jáde, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ padà

Ọ̀nà wà lóríṣiríṣi. Ní California, kí wọ́n tó gbẹ́ odò àtọwọ́dá ńlá wọn la àfonífojì San Joaquin kọjá ní àwọn ọdún 1960, wọ́n fi adágún omi rin ilẹ̀ irú èyí fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ó fi jìn tán. Àwọn kan gbọ́ ìyẹn, wọ́n wá ń da omi sínú kòtò fáńdéṣọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣiṣẹ́ fún ilé kékeré. Ìwúwo ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí ti California jìn, torí ó nípọn gan-an. Ilẹ̀ òkè tí ilé yín máa jókòó lé kò ní ẹrù tó máa tẹ̀ ẹ́. Ó kàn máa rọ̀ ni, ilé yín ló máa wá tẹ̀ ẹ́ tó bá yá. Àwọn tó ń kọ́ ilé alájà lè lọ fi òpó dé orí yangí. Fún ilé ilẹ̀, ẹ kó o jáde kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà.

A gbẹ́ mítà kan sísàlẹ̀ ibi tí fáńdéṣọ̀n máa jókòó, a sì fẹ̀ ẹ́ ju fáńdéṣọ̀n lọ ní ìdajì mítà lápá ọ̀tún àti òsì. A rin ìsàlẹ̀ rẹ̀, a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í dá erùpẹ̀ kan náà padà ní ìpele-ìpele, èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán.

Omi inú rẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Laábù ti sọ fún wa pé 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni omi tó dára jù fún títẹ̀ ẹ́. Tiwa ní 6. Ó ku 7, ìyẹn lítà 70 fún tọ́ọ̀nù kan, bíi kẹ́ẹ̀gì 20 lítà mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ da á sí i kí ẹ pò ó lókè, kì í ṣe inú kòtò. Bíríkìlà á sọ pé omi ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, pé ẹ̀rọ lágbára tó. Ilẹ̀ tí a tẹ̀ ní gbígbẹ máa ń le, á dún kẹ́kẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo ṣì wà nínú rẹ̀, á sì tún jìn ní ọjọ́ tí omi bá dé. Irú ilẹ̀ tí ẹ ń sá fún lẹ tún fi ọwọ́ ara yín ṣe yẹn.

Àyẹ̀wò rẹ̀: ẹ lo páìpù irin yẹn lórí ìpele kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó da òmíràn. Èyí tó wúwo jù tí laábù lè tẹ̀ ẹ́ dé ni 1.86, a kì í gbà ju kó dín 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn 1.77. Ìpele kẹta wa ka 1.69. A tú u, a fi omi kún un, a tún un tẹ̀. Àmì míì tún wà tí kò nílò òṣùwọ̀n: erùpẹ̀ á tán kí kòtò tó kún. Láti 1.41 dé 1.77, mítà kan á di sẹ̀ǹtímítà 80. Tí ti yín bá kún dọ́gba, ẹ kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣètò yẹ̀pẹ̀ àfikún ṣáájú.

7. Ẹ lé omi jìnnà

Èyí kò gba owó púpọ̀, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbàgbé. Ẹ da kọnkéré yí ilé ká, kó fẹ̀ ní mítà kan ààbọ̀, kó sì dà síta. Gọ́tà òrùlé gbọ́dọ̀ tú sórí rẹ̀, kì í ṣe sí ẹsẹ̀ ògiri. Ṣọkawé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé; mítà 15 ni mo ń fi sí i níbí, mo sì máa ń wo ti aládùúgbò pẹ̀lú, torí omi kò mọ fẹ́ǹsì. Ẹ má ṣe tẹ́ páìpù omi sábẹ́ jámánì-fúlọ́ọ̀. Ẹ gbé e gba ara ògiri, kí ẹ lè rí i tó bá ń jò.

Kí ẹ tó rẹ́ ògiri, ẹ di gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, ẹ fi omi kún páìpù títí dé inú gálọ́ọ̀nù kékeré kan tí ẹ gbé sókè, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé, kí ẹ lọ sùn. Tí àmì bá wà níbi tó wà láàárọ̀, pọ́ńbà lè gba owó rẹ̀.

Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, mo padà sílé Alhaji pẹ̀lú rọ́bà lẹ́fẹ́lì, mo wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àmì tí mo kàn sára ògiri. Igun kíṣìnì ló lọ sílẹ̀ jù, mílímítà 3. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ́ kọnkéré ibẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbin ewúro sí ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo bẹ ìyàwó Alhaji títí tó fi gbà kí n hú u.